Bí A Ṣe Ń San Owó Fọ́ọ̀mù Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Nígbà Tí Káàdì Bá Kọ̀, Tí Owó Bá Lọ Lẹ́ẹ̀mejì, Tàbí Tí Rìsíìtì Kò Bá Jáde

Ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù tán, ẹ ti tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń sanwó, òbìrí kékeré kan sì ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Fóònù yín dún, àlẹ́ẹ̀tì báńkì sì sọ pé owó ti kúrò. Ṣùgbọ́n ojú-ewé tó yẹ kó gbé rìsíìtì jáde funfun báláú, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìsanwó náà kò yọrí, kí ẹ tún gbìyànjú. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, nítorí ohun tí ènìyàn bá ṣe láàárín wákàtí kan sí ìgbà yẹn ló sábà máa ń pinnu bóyá owó kan ni yóò san tàbí méjì. Ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí owó ń gbà, torí pé láìmọ̀ ọ́n, kò sí bí a ó ṣe mọ ibi tó ti há. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ìsanwó káàdì. Èkíní ni ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọ́fíìsì tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Èkejì ni iléeṣẹ́ agbowó tí ìkànnì náà gbé iṣẹ́ gbígba owó fún, òun ló sì ni ojú-ewé tí ẹ ti ń tẹ nọ́mbà káàdì. Ẹ̀kẹta ni báńkì tó fún yín ní káàdì.

Báńkì kì í gbé owó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ agbowó bá béèrè, ohun tí báńkì ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ya iye owó náà sọ́tọ̀ nínú àkáǹtì yín kí ẹ má baà ná an mọ́, ó sì fi nọ́mbà àṣẹ kan dá iléeṣẹ́ agbowó lóhùn pé owó wà. Àlẹ́ẹ̀tì tó dún lórí fóònù yín, ìyàsọ́tọ̀ yìí ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan náà tàbí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iléeṣẹ́ agbowó yóò padà wá gba owó náà ní ti gidi. Lójú áàpù báńkì, owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́tọ̀ ni wọ́n sábà ń kọ “Pending” sí, èyí tó sì ti lọ tán ni wọ́n ń kọ “Posted” tàbí “Completed” sí. Bí iléeṣẹ́ agbowó kò bá padà wá gbà á, báńkì yóò tú owó náà sílẹ̀ fún yín fúnra rẹ̀, ó sì sábà máa ń gba ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí okùn ti ń já. Lẹ́yìn tí báńkì bá ti gbà, iléeṣẹ́ agbowó gbọ́dọ̀ sọ fún ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ pé owó ti dé, kí ìkànnì náà tó gbé rìsíìtì jáde. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá já ní àkókò yẹn, tàbí tí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ kún jù tí kò fi gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, owó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹni tí ẹ sì ń sanwó fún kò mọ̀. Kò sí olè kankan nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán ni kò tíì dé.

Ṣáájú kí ẹ tó tẹ nọ́mbà káàdì

Ẹ da nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ fọ́ọ̀mù yín kọ sínú ìwé, ẹ má ṣe fi sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà nìkan, nítorí pé nọ́mbà yìí ni gbogbo ènìyàn yóò máa béèrè bí ọ̀rọ̀ bá dàrú. Ẹ wo inú áàpù báńkì bóyá káàdì náà ṣí sílẹ̀ fún ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti fún ìsanwó sí òkèèrè bí ibi tí ẹ ń sanwó sí bá jẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ káàdì ni báńkì ń ti àyè méjèèjì yìí pa títí oníkáàdì yóò fi ṣí i. Bí owó ilẹ̀ mìíràn bá ni ẹ fẹ́ san, kí owó inú àkáǹtì lé díẹ̀ lórí iye tí wọ́n kọ, torí pé owó pàṣípààrọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ sì rí i dájú pé fóònù tí nọ́mbà OTP ń wá sí wà lọ́wọ́ yín, pé ó sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: gbèdéke tí wọ́n kọ sára fọ́ọ̀mù sábà máa ń jẹ́ ti aago ilẹ̀ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà. Ọ̀gànjọ́ òru ọ̀hún lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá lè sanwó ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ṣáájú gbèdéke, ẹ ti fún ara yín ní àyè láti dúró, ìdúró sì ni oògùn èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí.

Nígbà tí káàdì bá kọ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló kọ̀? Bí báńkì bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé wọ́n dá ìsanwó kan dúró, báńkì ló kọ̀. Bí báńkì kò bá sọ nǹkan kan, tí kò sì sí ohunkóhun nínú áàpù wọn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Nígbà náà ẹ wo nọ́mbà káàdì tí ẹ tẹ̀, oṣù àti ọdún tí káàdì yóò parí, àti nọ́mbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn ojú-ewé mìíràn máa ń fi nọ́mbà ìdí tí wọ́n fi kọ̀ hàn. 51 túmọ̀ sí pé owó kò tó. 54 túmọ̀ sí pé ọjọ́ káàdì ti kọjá. 61 túmọ̀ sí pé iye náà ti ju ohun tí wọ́n gbà yín láyè láti ná lọ. 91 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ báńkì yín kò dáhùn, èyí sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó tọ́ kí ènìyàn kàn dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tún gbìyànjú. Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni 05, tí wọ́n máa ń kọ “Do not honor” sí. Kò sọ ìdí kankan. Ohun tó ń sọ ni pé báńkì kọ̀, kò sì fẹ́ ṣàlàyé fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ni káàdì nìkan ni wọ́n lè ṣàlàyé fún. Ẹ pe nọ́mbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ẹ sọ iye owó, orúkọ tí ẹ ń sanwó fún àti aago tó kọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ olè ló dá a dúró. Bí wọ́n bá ní àwọn ti ṣí i, ẹ béèrè bí àyè náà yóò ti pẹ́ tó, kí ẹ sì sanwó kí àyè náà tó tún padé.

Ẹ má ṣe gbìyànjú léraléra. Lójú ẹ̀rọ báńkì, ìgbìyànjú márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá dà bí iṣẹ́ ẹni tó jí nọ́mbà káàdì, ó sì lè ti káàdì náà pa pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó kí ẹ tó wá ìdí.

Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ojú-ewé tí ẹ ó ti tẹ OTP ni kò ṣí. Èyí wọ́pọ̀ gan-an bí ẹ bá ṣí líǹkì náà láti inú áàpù tí a fi ń ránṣẹ́ sí ara wa. Ẹ da àdírẹ́sì ojú-ewé náà kọ, ẹ ṣí i nínú Chrome, Safari tàbí Firefox fúnra rẹ̀, kí ẹ sì pa ohun tó ń dí ìpolówó lọ́wọ́ tó bá wà níbẹ̀.

Ohun kan tó ń dẹ́rù bani ni kí ìkànnì sọ pé káàdì kọ̀, síbẹ̀ kí owó dín nínú àkáǹtì. Ó lè jẹ́ pé báńkì ti gbà, tó ti ya owó sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tí iléeṣẹ́ agbowó wá rí i pé àdírẹ́sì ilé tí ẹ kọ kò bá ti inú ìwé báńkì mu, tó sì dá ìsanwó náà nù. “Pending” ni irú owó bẹ́ẹ̀ yóò wà títí yóò fi padà. Kí ẹ tó tún gbìyànjú, ẹ kọ àdírẹ́sì bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́ lórí sítẹ́mẹ́ǹtì báńkì, kì í ṣe bí ẹ ṣe máa ń pè é lẹ́nu.

Nígbà tí owó bá lọ tí rìsíìtì kò jáde

Ohun àkọ́kọ́ ni àwòrán ojú fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà. Ẹ yà á kí àdírẹ́sì ojú-ewé òkè wà nínú rẹ̀, kí aago sì hàn, nítorí pé nínú àdírẹ́sì yẹn ni nọ́mbà ìdúnàádúrà máa ń fara pamọ́ sí nígbà mìíràn. Ẹ má ṣe tún ojú-ewé náà ṣí. Bí Chrome bá gbé àpótí kan jáde tó kọ “Confirm Form Resubmission” sí, ó ń béèrè bóyá kí òun tún fi ohun tí ẹ ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́; bí ẹ bá tẹ “Continue”, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti sanwó lẹ́ẹ̀kejì. “Cancel” ni kí ẹ tẹ̀.

Ẹ wá ṣí ojú-ewé tuntun, ẹ wọlé sínú fọ́ọ̀mù yín bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹ sì wo ipò tí owó wà níbẹ̀. Nígbà púpọ̀, ìkànnì ti gba owó, rìsíìtì nìkan ni kò lè fi hàn. Ẹ wo íméèlì yín, ẹ má sì gbàgbé àpótí tí íméèlì tí a kò fẹ́ ń lọ. Orúkọ iléeṣẹ́ agbowó ló lè wà lórí íméèlì náà, kì í ṣe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà iye owó gan-an ni kí ẹ fi wá a.

Bí fọ́ọ̀mù bá ṣì ń sọ pé ẹ kò tíì sanwó, tí áàpù báńkì sì kọ “Pending”, ẹ dúró fún wákàtí 24. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ agbowó máa ń tún iṣẹ́ tí kò dé rán fúnra wọn láàárín wákàtí mélòó kan, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń fi ìwé owó tó wọlé wé fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá ti kọ “Posted” tí fọ́ọ̀mù kò sì yí padà, ẹ má dúró mọ́: owó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ni wọn kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí owó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì

Rírí ìlà méjì nínú áàpù báńkì kò túmọ̀ sí pé wọ́n gba owó méjì. Àwọn áàpù kan máa ń fi ìyàsọ́tọ̀ àti owó tó lọ tán hàn pa pọ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí èkíní tó pòórá. Ìgbà tí ìlà méjèèjì bá di “Posted” ni ọ̀rọ̀ di owó ẹ̀ẹ̀mejì lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi obìnrin, nítorí èmi ni mo jókòó tì í. Ní aago 9:42 alẹ́ ọjọ́ Ajé, ó tẹ bọ́tìnnì láti san owó fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kan ní òkèèrè. Àlẹ́ẹ̀tì dé ní 9:43, ojú-ewé sì funfun. Ẹ̀rù bà á, ó padà sẹ́yìn, ó tún san án ní 9:51, rìsíìtì sì jáde. Ìlà “Pending” méjì ló wà nínú áàpù báńkì rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan, a rí i pé nọ́mbà àṣẹ wọn yàtọ̀ síra. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ìlà kan tí áàpù fi hàn lẹ́ẹ̀mejì: báńkì ti gbà fún wọn nígbà méjì.

Síbẹ̀, a kò tíì kọ̀wé, torí pé èkíní ṣì lè já bọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́rú, ti 9:51 di “Posted”. Ní ọjọ́bọ̀, ti 9:43 náà di “Posted”, a sì kọ̀wé sí ẹ̀ka ìṣirò-owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ní wákàtí yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méjì wọ́n dáhùn pé àwọn rí owó àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ agbowó, ṣùgbọ́n kò sí fọ́ọ̀mù tí a so ó mọ́. Wọ́n ní àwọn ti dá a padà. Owó náà wọlé lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ, ó sì dín díẹ̀, nítorí pé iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá a padà kọ́ ni ti ọjọ́ tí a san án. Ká ní ó ti wọlé sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ láti wo ipò owó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì dípò kó tún san án lóru ọjọ́ náà, ó dá mi lójú pé owó kan ni ì bá san.

Lẹ́tà tí ẹ ó kọ

Ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ̀wé sí ṣáájú báńkì, nítorí àwọn ni wọ́n lè dá owó padà ní kíákíá, àwọn náà ni wọ́n sì lè so owó mọ́ fọ́ọ̀mù yín. Ẹ̀ka ìṣirò-owó ni kí ẹ darí rẹ̀ sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìgbaniwọlé. Ẹ wá àdírẹ́sì íméèlì wọn láti inú ìkànnì fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀. Kí ẹ má ṣe lo nọ́mbà fóònù tí ẹ kàn rí nígbà tí ẹ ń wá a kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí pé àwọn gbájú-ẹ̀ mọ ohun tí ẹni tí owó rẹ̀ há ń wá. Lẹ́tà náà kò ní láti gùn. Irú èyí tó:

“Ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò-owó, orúkọ mi ni …, nọ́mbà fọ́ọ̀mù mi sì ni …. Mo san owó fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ …, aago … (aago ilẹ̀ …), iye rẹ̀ sì jẹ́ …. Káàdì … tí nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ … ni mo fi san án, nọ́mbà àṣẹ báńkì sì ni …. Báńkì mi fi hàn pé owó náà ti lọ tán ní ọjọ́ …, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù mi ṣì ń sọ pé n kò tíì sanwó. Mo bẹ̀ yín kí ẹ so owó náà mọ́ fọ́ọ̀mù mi, kí ẹ sì fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi. Mo so sítẹ́mẹ́ǹtì báńkì àti àwòrán ojú-ewé mọ́ lẹ́tà yìí.”

Bí ó bá jẹ́ ti owó ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ kọ aago àti nọ́mbà àṣẹ ìsanwó méjèèjì, kí ẹ sì sọ ní pàtó èyí tí rìsíìtì rẹ̀ jáde àti èyí tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dá padà. Lórí sítẹ́mẹ́ǹtì, ẹ fi nǹkan bo gbogbo ìlà tí kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má ṣe kọ odidi nọ́mbà káàdì, nọ́mbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí OTP sínú íméèlì láé. Kò sí ẹni tó nílò OTP láti dá owó padà fún ènìyàn. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, owó mìíràn ló fẹ́ gbà.

Bí gbèdéke bá jẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ kọ lẹ́tà yìí kí àkókò tó pé, kí aago orí íméèlì lè jẹ́rìí fún yín. Lẹ́yìn náà, bí owó bá wà lọ́wọ́, ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ fi káàdì mìíràn san án lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà. Lójú tèmi, ó sàn kí owó kan há fún ọ̀sẹ̀ méjì ju kí fọ́ọ̀mù tì mọ́ ènìyàn lọ.

Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ báńkì

Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, tàbí tí wọ́n bá ní àwọn kò rí owó tí báńkì ti kọ “Posted” sí, ẹ lọ fi ẹjọ́ náà sun báńkì. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ta ko ìsanwó kan tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kó rìsíìtì, lẹ́tà yín àti ìdáhùn tó bá wà fún wọn. Báńkì kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọjọ́ tí wọ́n ń gbà fún èyí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pé ọjọ́ 60 láti ọjọ́ tí sítẹ́mẹ́ǹtì jáde.

Ẹ ṣọ́ra níbí: ìsanwó kan ṣoṣo tó lé ni kí ẹ ta kò. Bí báńkì bá gba owó méjèèjì padà, lójú ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kò sanwó rárá, wọ́n sì lè dá fọ́ọ̀mù yín dúró láìsọ fún yín. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ti kọ̀wé pé àwọn ń dá owó náà padà, ẹ má tún fi ẹjọ́ sun báńkì lórí owó kan náà, torí pé ọ̀nà méjèèjì lè dí ara wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n bá sọ pé owó ti padà, ẹ béèrè nọ́mbà tí wọ́n ń pè ní ARN. Nọ́mbà 23 ni ó ní, òun sì ni báńkì yín lè fi wá ibi tí owó náà wà bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá bá kọjá tí kò tíì wọlé. Káàdì tí ẹ fi sanwó ni owó máa ń padà sí. Bí káàdì náà bá ti parí tàbí tí báńkì ti pààrọ̀ rẹ̀, tí àkáǹtì sì ṣì ń ṣiṣẹ́, báńkì sábà máa ń darí rẹ̀ sínú àkáǹtì náà. Bí ẹ bá ti pa àkáǹtì yẹn dé, ẹ tètè sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó dá owó padà, kí wọ́n lè wá ọ̀nà mìíràn.